Ohun Tí Òǹtẹ̀ Àkókò Kò Sọ Nípa Bí Aláìsàn Ṣe Dúró Pẹ́ Tó

Ìbéèrè: Olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ni mí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí aláìsàn 60 ni à ń rí lójúmọ́, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Kọ̀ǹpútà wa ń kọ àkókò ìforúkọsílẹ̀ àti àkókò tí aláìsàn rí dókítà. Mo fi Excel yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, ìpíndọ́gba ìdúró sì jáde sí ìṣẹ́jú 54. Àwọn aláìsàn gbọ́, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìṣirò mi ti yà kúrò lọ́nà?

Ìdáhùn: Ìyọkúrò tí ẹ ṣe péye. Àwọn àkókò méjèèjì tí ẹ fi ṣe é ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ìgbà tí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì ni òǹtẹ̀ àkókò inú kọ̀ǹpútà ń sọ fún wa, ìgbà yẹn sì lè jìnnà gan-an sí ìgbà tí aláìsàn jókòó sórí bẹ́ńṣì àti ìgbà tó dìde níbẹ̀. Nítorí náà, kí n tó ṣí ìwé ìṣirò ilé ìwòsàn èyíkéyìí, mo máa ń tọrọ àyè láti jókòó sí yàrá káàdì fún òwúrọ̀ kan, kí n sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà fún òwúrọ̀ kejì, kí n máa fi aago ọwọ́ mi kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, kí n tó wá fi í wé ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Òwúrọ̀ méjì yẹn máa ń là mí lójú ju oṣù kan tí mo bá fi jókòó ti Excel lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìforúkọsílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba wa, aláìsàn tó bá mọ ibẹ̀ dáadáa kì í dúró kí aago mẹ́jọ lù kó tó dé. Láti nǹkan bí aago mẹ́fà ló ti wà lẹ́nu géètì, ó ti gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, tàbí kó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí bébà tí àwọn tó dé ṣáájú ń kọ orúkọ sí. Nígbà tí yàrá káàdì bá ṣí, ẹni tó gba nọ́ńbà 20 á tún jókòó títí wọn yóò fi kàn án. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ wá fáìlì rẹ̀ rí lórí pẹpẹ kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo àkókò tí wọ́n fi wá fáìlì náà ti ṣáájú òǹtẹ̀. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè ti lo wákàtí méjì ààbọ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn kí ìṣirò yín tó ka ìṣẹ́jú kìíní fún un. Nígbà tó bá ní òun pẹ́, láti ẹnu géètì ló ti ń kà á, yàrá káàdì sì ni ẹ̀yin ti ń kà á. Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú yín.

Bébà àti bírò ni mo máa ń fi yanjú èyí. Fún ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí ẹnìkan wà lẹ́nu géètì láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá dé, kó máa fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré kan tó ti kọ aago tí onítọ̀hún dé sí. Kí òṣìṣẹ́ yàrá káàdì gba bébà náà nígbà tó bá ń fi orúkọ sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà káàdì sí i, kó sì sọ ọ́ sínú páálí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ óò ní àkókò kẹta tí kọ̀ǹpútà kò ní. Kò pọn dandan kí ẹ máa ṣe é lọ títí, nítorí pé ọjọ́ márùn-ún tó láti fi mọ bí apá tó fara pamọ́ yìí ṣe gùn tó. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mú iye kan ṣoṣo kí ẹ fi kún ti gbogbo aláìsàn, nítorí pé ẹni tó dé ní aago mẹ́fà lè jókòó fún wákàtí méjì kó tó forúkọ sílẹ̀, nígbà tí ẹni tó dé ní aago mọ́kànlá lè má dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ kọ apá yìí lọ́tọ̀ nínú ìròyìn yín, kí ẹ sì jẹ́ kó máa jẹ́ ìdúró ṣáájú ìforúkọsílẹ̀.

Òǹtẹ̀ ti dókítà ló le jù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ sí jù lọ. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rí i tí òǹtẹ̀ yìí ń bọ́ sí. Ó lè jẹ́ ìgbà tí dókítà ṣí ojú ewé aláìsàn náà, ó lè jẹ́ ìgbà tó fi ohun tó kọ pamọ́ lẹ́yìn tí àyẹ̀wò parí, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí ẹlòmíràn tẹ ohun tí dókítà ti kọ sórí ìwé láti àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ìdúró gan-an ni ìyàtọ̀ tí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ti wọ inú ìdúró, dókítà tó bá sì fi ìṣẹ́jú 15 tẹ́tí sí aláìsàn rẹ̀ dáadáa yóò dà bí ẹni tó ń fi àwọn èèyàn jókòó lásán. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀kẹta, kò sí ohunkóhun tí ẹ lè fi iye náà ṣe.

Báwo ni ẹ óò ṣe mọ èyí tó jẹ́ tiyín? Bí ètò orí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ OpenMRS, ẹ lọ wo òpó méjì nínú tábìlì tó ń jẹ́ `encounter`. Ọ̀kan ni `encounter_datetime`, ìyẹn àkókò tí òṣìṣẹ́ sọ pé aláìsàn wá, òṣìṣẹ́ sì lè yí i padà. Èkejì ni `date_created`, ìyẹn ìgbà tí ìlà náà wọ inú kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí méjèèjì bá fi wákàtí púpọ̀ jìnnà sí ara wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti tẹ ìlà yẹn wọlé. Bí ẹ bá sì rí `00:00:00` lórí ọ̀pọ̀ ìlà, ọjọ́ nìkan ni fọ́ọ̀mù náà gbà, kò gba aago rárá. Bí ètò mìíràn bá ni tiyín, ẹ to àwọn ìlà náà ní dókítà sí dókítà, kí ẹ tún tò wọ́n ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín aláìsàn kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sí dókítà tó lè rí aláìsàn márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo bá ṣiṣẹ́, mo rí aláìsàn 14 tí òǹtẹ̀ wọn bọ́ sáàárín aago 1:40 sí aago 1:52 ọ̀sán. Iná ti lọ láti àárọ̀, dókítà ń kọ tirẹ̀ sórí ìwé, nọ́ọ̀sì sì wá tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Lójú Excel, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ ti dúró fún ohun tó lé ní wákàtí márùn-ún. Bí irú èyí bá yọjú sí yín, ẹ fi àmì sí àwọn ìlà náà, kí ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn yín pé iye báyìí ni ẹ yọ, àti pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n ti wá. Ìdí ni pé ọjọ́ tí iná lọ lè jẹ́ ọjọ́ tí àwọn aláìsàn dúró pẹ́ jù lọ, tí ẹ bá sì yọ ọ́ láìsọ, ilé ìwòsàn yóò dára lórí ìwé ju bó ṣe rí lọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké mẹ́ta tún wà tí mo kàn fẹ́ fi kún un. Aago kọ̀ǹpútà yàrá káàdì àti ti dókítà lè má bára mu. Bí ti dókítà bá fi ìṣẹ́jú méje rẹ̀yìn, gbogbo ìdúró yóò fi ìṣẹ́jú méje kúrú, nítorí náà ẹ máa fi fóònù kan ṣoṣo wo méjèèjì ní àràárọ̀, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀. Èkejì ni pé aláìsàn tí wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó sì padà wá yóò ní òǹtẹ̀ dókítà méjì lọ́jọ́ kan náà, èyí tó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ sì ni kí ẹ lò. Ẹ̀kẹta ni àmì tí a fi ya wákàtí sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́jú. Bí ẹnìkan bá tẹ 8.05 àti 9.10 dípò 8:05 àti 9:10, Excel yóò kà wọ́n sí nọ́ńbà lásán, yóò sì sọ fún yín pé aláìsàn náà dúró fún ìṣẹ́jú 1,512, nígbà tó jẹ́ pé 65 péré ni.

Ẹ wá wo òwúrọ̀ kékeré kan tí mo tò kalẹ̀ kí ó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Dókítà kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Àkókò tí nọ́ọ̀sì pe aláìsàn wọ yàrá dókítà ló wà ní òpó kẹta, yálà aláìsàn náà dáhùn tàbí kò dáhùn.

| Káàdì | Ìforúkọsílẹ̀ | A pè é | Ìṣẹ́jú |
|---|---|---|---|
| 1 | 8:05 | 9:10 | 65 |
| 2 | 8:07 | 9:22 | 75 |
| 3 | 8:12 | 9:40 | 88 |
| 4 | 8:20 | 10:05 | 105 |
| 5 | 8:31 | 8:28 | -3 |
| 6 | 8:40 | 10:30 | 110 |
| 7 | 8:55 | 10:50, kò sí | 115 |
| 8 | 9:10 | 10:52 | 102 |
| 9 | 9:30 | 11:15, kò sí | 105 |
| 10 | 10:45 | 11:16 | 31 |
| 11 | 11:10 | 11:38 | 28 |

Bí ìforúkọsílẹ̀ bá wà ní òpó B, tí àkókò ìpè nìkan sì wà ní òpó C, tí ẹ kọ "kò sí" lọ́tọ̀ sí òpó E kí Excel má bàa gbé àṣìṣe jáde, ohun tí ẹ óò kọ sí òpó D nìyí. Nọ́ńbà 1440 tó wà nínú rẹ̀ ni iye ìṣẹ́jú tó wà nínú ọjọ́ kan, nítorí pé ọjọ́ ni Excel fi ń ka àkókò.

```
=IF(OR(B2="",C2=""),"",(C2-B2)*1440)
```

Káàdì 5 ni ojú yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Ọmọdé kan tí gìrì mú ni, wọ́n gbé e wọlé tààrà sọ́dọ̀ dókítà, ìyá rẹ̀ sì wá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àkọsílẹ̀ yìí tọ̀nà, ẹ má ṣe sọ ọ́ di òdo, ẹ má sì jẹ́ kó wọ inú ìṣirò àwọn tó dúró. Ẹ fi àmì pàjáwìrì sí i, kí ẹ kà á lọ́tọ̀. Ẹ sì tún ṣàkíyèsí ohun tí ọmọ yìí ṣàlàyé fún wa: kò sí ẹni tó wà níwájú káàdì 1, síbẹ̀ ó dúró fún ìṣẹ́jú 65. Láti aago 8:28, ọmọ náà ló gba ọwọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 23 tó ṣáájú ìyẹn kì í ṣe ti ọmọ náà. Mo máa ń wo ìdúró ẹni àkọ́kọ́ lójoojúmọ́ fún ìdí yìí. Bí ó bá gùn ní ọjọ́ kan, pàjáwìrì lè fà á, ṣùgbọ́n bí ó bá gùn lójoojúmọ́, dókítà kò tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn sì ń pín nínú ìdádúró náà.

Ẹ wá wo káàdì 7 àti káàdì 9, nítorí mo rò pé ibí ni púpọ̀ nínú ohun tó dààmú yín wà. Àwọn méjèèjì jókòó títí ó fi sú wọn, wọ́n sì lọ sílé láìrí dókítà. Nínú kọ̀ǹpútà yín, irú wọn kò ní òǹtẹ̀ dókítà, Excel sì fo ìlà wọn láìsọ nǹkan kan. Àwọn mẹ́jọ tó kù nìkan ni ìṣirò dá lé: ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 75.5, agbedeméjì wọn sì jẹ́ 81.5. Agbedeméjì ni iye tó bọ́ sáàárín gan-an nígbà tí a bá to gbogbo wọn láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí a bá dá àwọn méjì yẹn padà pẹ̀lú iye tí wọn ì bá dúró ká ní wọn kò lọ, ìyẹn 115 àti 105, ìpíndọ́gba di 82.4, agbedeméjì sì di 95. Ìṣẹ́jú 13 àtààbọ̀ ni agbedeméjì fi gùn sí i, kò sì sí ohun tó yí padà ní ilé ìwòsàn náà.

Kì í ṣe àwọn tí ìdúró wọn kúrú ló máa ń lọ. Àwọn tó bọ́ sí wákàtí tí èrò pọ̀ jù ni, nítorí náà bí ìdúró bá ṣe ń burú sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó yẹ kó jẹ́rìí sí i ṣe ń pòórá kúrò nínú ìwé. Mo ti rí i rí tí ìpíndọ́gba ilé ìwòsàn kan lọ sílẹ̀ ní oṣù tí èrò pọ̀, tí inú ọ̀gá ibẹ̀ sì dùn, àṣé àwọn tó ń padà sílé láìrí dókítà ló ti pọ̀ sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń pe orúkọ. Kó kọ aago tó pe aláìsàn sílẹ̀ kódà bí ẹni náà kò bá dáhùn, kó sì kọ "kò sí" sí i. Èyí yóò tọ̀nà bí ẹ bá ń pe àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe dé tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹ kì í bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀, tàbí bí fáìlì ẹni tó ti lọ bá máa ń wọ ìsàlẹ̀ òkìtì kí wọ́n tó pè é, iye náà yóò gùn ju bó ti yẹ lọ, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ lò ó. Nígbà náà, ẹ kọ iye àwọn tó lọ nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbedeméjì, bí àpẹẹrẹ: "Agbedeméjì ìdúró àwọn tó rí dókítà jẹ́ ìṣẹ́jú 81.5, aláìsàn 2 nínú 10 lọ láìrí dókítà." Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn kò lè ṣi ilé ìwòsàn náà mọ̀.

Mo fẹ́ agbedeméjì ju ìpíndọ́gba lọ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹni kan tí fáìlì rẹ̀ sọnù, tó sì jókòó fún wákàtí mẹ́fà, lè fa ìpíndọ́gba lọ sókè fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì ju yíyan ọ̀kan nínú méjèèjì lọ ni pé kí ẹ pín àwọn aláìsàn sí wákàtí tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Nínú tábìlì òkè yìí, agbedeméjì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ṣáájú aago mẹ́wàá jẹ́ ìṣẹ́jú 103.5, nígbà tí àwọn méjì tó dé lẹ́yìn rẹ̀ dúró fún bí ìdajì wákàtí péré. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ẹni tó ń wá aago tó dára láti gbé ìyá rẹ̀ wá kò ní rí ìdáhùn nínú iye kan ṣoṣo yẹn, ọ̀gá tó fẹ́ mọ ìgbà tí dókítà kejì yóò wúlò kò sì ní rí i. Nígbà tí ẹ bá ní aláìsàn 60 lóòótọ́, ẹ fi `=PERCENTILE.INC(D2:D61,0.9)` kún un, kí ẹ lè mọ iye ìṣẹ́jú tí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn kò dúró kọjá.

Ó ku bí ẹ óò ṣe dán ìṣẹ́jú 54 yín wò láìgbẹ́kẹ̀lé kọ̀ǹpútà. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Little, ló fi ẹ̀rí ìṣirò hàn ní ọdún 1961 fún ọ̀nà tí a óò lò, ọ̀nà náà sì rọrùn débi pé ẹnikẹ́ni tó bá lè ka èèyàn lè ṣe é. Láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá dé títí bẹ́ńṣì yóò fi ṣófo, ẹ lọ ka àwọn tó ń dúró ní gbogbo ìdajì wákàtí. Ẹ ka àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì ka àwọn tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ro iye tí ẹ kà pọ̀, ẹ fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in fún iye gbogbo aláìsàn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, títí kan àwọn tó lọ láìrí dókítà. Ìpíndọ́gba ìdúró ni yóò jáde.

Ká ní àròpọ̀ àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 108. Ìgbà 30 rẹ̀ jẹ́ 3,240, bí ẹ bá pín in fún 60, ẹ óò rí 54, ìyẹn ni pé iye yín tọ̀nà fún apá tó wà láàárín yàrá káàdì àti dókítà. Bí àròpọ̀ àwọn tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ bá wá jẹ́ 96, ìṣẹ́jú 48 mìíràn ni, gbogbo rẹ̀ sì di 102, èyí tí àwọn aláìsàn ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ti àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́ 160, ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n ń dúró ní apá yẹn nìkan, àwọn tó lọ láìrí dókítà tàbí òǹtẹ̀ tó bọ́ síbi tí kò yẹ ló sì gbé ìyókù pamọ́.

Àwọn tó tẹ̀ lé aláìsàn wá ló máa ń ba kíkà yìí jẹ́. Ìyá, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn àti àǹtí tó gbé àpò dání jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, aláìsàn kan péré sì ni wọ́n. Nítorí náà, káàdì tàbí bébà géètì tó wà lọ́wọ́ ni kí ẹ kà, ẹ má ṣe ka orí. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, nítorí pé kíkà ní ìdajì wákàtí lè ṣèèṣì bọ́ sí ìgbà tí èrò pọ̀ tàbí ìgbà tí wọ́n dín ní ọjọ́ kan. Bí kíkà yín lórí àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ àti iye tí kọ̀ǹpútà gbé jáde bá fi ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá yàtọ̀ síra ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ padà sórí òǹtẹ̀ dókítà, kí ẹ sì ka àwọn tó lọ láìrí i, kí ẹ tó fi ìròyìn kankan ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín.